Gba Lomé Kọjá: Ìṣirò Aago Láìwo Fóònù

Gbogbo aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, aago ìlú tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Aago ìgbéra ní Èkó, aago Èkó ni. Aago ìbalẹ̀ ní Hiúsítìnì, aago Hiúsítìnì ni. Wọn kì í ṣàlàyé èyí fún ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í kọ àárọ̀ tàbí alẹ́ sí i. Nọ́ńbà lásán ni: 23:15, 04:55, 14:20. Inú àwọn nọ́ńbà yẹn ni arìnrìn-àjò ti máa mọ ọjọ́ tí yóò kúrò nílé, iye wákàtí tí yóò lò nínú bàálù, àti ìgbà tí àwọn ará ilé yóò máa retí ìpè rẹ̀.

Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Fóònù tó lè yí aago padà fúnni wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn báyìí, síbẹ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ṣì ń ṣi aago. Ohun tó fà á ni pé ìbéèrè tí a bá bi fóònù nìkan ló ń dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀ pé 00:35 ọjọ́ Jímọ̀ kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kò ní ronú àtibèèrè rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́ wọn ní ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni: a ó ka nọ́ńbà náà bó ṣe yẹ, a ó mú un gba Lomé kọjá, a ó sì wá bojú wo ọjọ́. Tí a bá ń ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó le nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n máa ń lọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kíkà. Aago wákàtí 24 kì í pín ọjọ́ sí méjì bíi ti aago ara ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 00:00, ìyẹn aago 12 òru, ó ń kà lọ títí dé 23:59, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Láti 01:00 dé 12:59, bí a ṣe rí i la ṣe ń kà á: 07:30 ni aago 7 ààbọ̀ àárọ̀, 12:40 sì ni aago 12 ọ̀sán kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Láti 13:00 lọ ni àwọn ènìyàn ti máa ń dúró ka ìka.

Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ká yọ 12. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ yíyọ 12 kúrò nínú 17 tàbí 19 kì í yá ẹni tó ń kánjú. Ọ̀nà kan wà tó yá ju ìyẹn lọ fún ẹni tó mọ òǹkà Yorùbá. Ohun kan ṣoṣo lẹ máa há sórí: ogún ni aago 8 alẹ́. Tí ẹ bá ti mọ̀ pé 20:00 ni aago 8 alẹ́, orúkọ nọ́ńbà yòókù ni yóò máa sọ ara rẹ̀ fún yín. Mọ́kàndínlógún: ọ̀kan ló dín nínú ogún, ẹ mú ọ̀kan kúrò lára 8, ó di aago 7. Méjìdínlógún: ẹ mú méjì kúrò, aago 6. Mẹ́tàdínlógún, aago 5. Mẹ́rìndínlógún, aago 4. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà, márùn-ún ló dín nínú ogún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ti gé e kúrú: ẹ mú márùn-ún kúrò lára 8, aago 3 ọ̀sán. Tó bá lé ní ogún, a ó máa fi kún 8: mọ́kànlélógún ni 9, méjìlélógún ni 10, mẹ́tàlélógún ni 11 alẹ́.

Méjì péré ló kù, 13 àti 14, nítorí pé orí ẹ̀wá ni òǹkà wa gbé àwọn yẹn lé. Ẹ kàn há wọn sórí: 13 ni aago 1 ọ̀sán, 14 ni aago 2. Ọ̀nà yìí kan náà la ń gbà padà. Tí wọ́n bá ní ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, tí ẹ sì fẹ́ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, 6 fi méjì dín sí 8, nítorí náà méjì ló máa dín nínú ogún: 18:00. Ìṣẹ́jú kì í yí padà. 17:45 ni aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 45, tàbí bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu, aago 6 ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn kan máa ń fẹ́ yọ nǹkan nínú ìṣẹ́jú náà pẹ̀lú. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Òru ló máa ń kó ènìyàn sí wàhálà. Lórí aago wákàtí 24, ọ̀sán ni 12:30 máa ń jẹ́, òru sì ni 00:30. Lórí fóònù tó ń lo AM àti PM, 12:30 PM ni ọ̀sán, 12:30 AM ni òru, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì máa ń fi ọ̀kan pe èkejì. Èyí tó tún wá burú ju ti aago lọ ni ti ọjọ́. Nínú ọ̀rọ̀ wa ojoojúmọ́, òru jẹ́ ti ọjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ẹni tó ní òun kò sùn lóru Ọjọ́bọ̀ ń ka títí di ìdájí mọ́ Ọjọ́bọ̀ náà. Tíkẹ́ẹ̀tì kò mọ èyí. Lójú tirẹ̀, bí aago 12 òru bá ti lù báyìí, ọjọ́ ti yí.

Alhaja kan mú tíkẹ́ẹ̀tì tí ọmọ rẹ̀ rà fún un láti òkè òkun wá bá mi, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Èkó sí Jẹ́dà ni, fún Úmúrà, ọjọ́ Jímọ̀, 00:35. Alhaja ti ṣètò gbogbo rẹ̀.

"Tí mo bá ti kírun Jímọ̀ tán, màá jẹun, màá sinmi díẹ̀, kí mọ́tò tó gbé mi lọ sí Èkó."

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka yín lé òdo méjì yìí," ni mo wí. "Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ máa wà ní pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tí wọ́n bá máa fi kírun Jímọ̀ ní Ìbàdàn, ẹ ti dé Jẹ́dà."

"Ọjọ́bọ̀ kẹ̀? Jímọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀ yìí."

"Jímọ̀ ni lóòótọ́, mà. Àmọ́ Jímọ̀ ọ̀hún ò tíì ju ìṣẹ́jú márùndínlógójì lọ nígbà tí bàálù yín máa gbéra."

Ó wo bébà náà títí, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun ní Yorùbá. Ohun tí mo kọ ni "alẹ́ Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Jímọ̀". Ọ̀nà tó dájú jù lọ láti kọ irú aago bẹ́ẹ̀ nìyẹn, nítorí pé ó dárúkọ ọjọ́ méjèèjì, kò sì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú iyèméjì. Bí ẹ bá ti rí aago tí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ jẹ́ 00, 01, 02 tàbí 03, ẹ ka ọjọ́ náà sẹ́yìn ní ọ̀kan: alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹ máa kúrò nílé. Ẹni tó bá ní láti dá àkókò fún ìpàdé tàbí fún ọjọ́ ìparí ìforúkọsílẹ̀, kó yẹra fún "aago 12 òru ọjọ́ Jímọ̀". 23:59 ni kó kọ, nítorí kò sí ẹni tó lè fi í pe ọjọ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ìyàtọ̀ aago láàrin ìlú sí ìlú. Gírẹ́níìṣì, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ayé ti ń ka aago, láti ìgbà tí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tó wáyé ní Wọṣintọ́ọ̀nù ní 1884 ti fẹnu kò sí i. Aago yẹn ni wọ́n ń kọ ní GMT tàbí UTC. Fún irú ìṣirò tí à ń ṣe yìí, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n tí a bá ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ronú nípa Lọ́ńdọ̀nù, yóò ṣìnà, nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ kì í dúró lórí aago Gírẹ́níìṣì jálẹ̀ ọdún. Lomé ló ń dúró lórí rẹ̀. Tógò àti Gánà wà lórí GMT láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, wọn kì í sún aago wọn. Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ fi wákàtí kan ṣáájú wọn, àwa náà kì í sún un. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Èkó gba Kútọnu lọ sí Lomé ti mọ̀ ọ́n: aago kò yí ní Sẹ̀mẹ̀. Ẹnu ibodè Hilakondji, láàrin Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, la ti ń dá a padà sẹ́yìn ní wákàtí kan.

Nítorí náà, mo máa ń sọ fún ènìyàn pé kó mú aago èyíkéyìí gba Lomé kọjá. Láti Èkó, ẹ yọ 1, ẹ ti dé Lomé nìyẹn. Láti Lomé, ẹ fi iye ìlú tí ẹ ń lọ kún un, tàbí kí ẹ yọ ọ́. Oòrùn ló máa sọ èyí tí ẹ máa ṣe nínú méjèèjì. Ìlú tó wà ní ìlà-oòrùn ti rí oòrùn ṣáájú wa, aago wọn ti lọ síwájú, ẹ fi kún un: 3 ni ti Jẹ́dà, 4 ni ti Dùbáì, 8 ni ti gbogbo Ṣáínà. Ìlú tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ yọ ọ́. Bàhíà ní Bùràsíìlì, 3. Ti Amẹ́ríkà rọrùn láti há sórí nítorí pé ó tẹ̀ léra bí a ṣe ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, 5, 6, 7, 8: Niú Yọ́ọ̀kì àti Máríláǹdì jẹ́ 5, Ṣikágò àti Hiúsítìnì jẹ́ 6, Dẹ́nfà jẹ́ 7, Kalifọ́níà jẹ́ 8. Ti ìgbà òtútù wọn ni iye Amẹ́ríkà tí mo kà yìí. A máa dé orí ti ìgbà ooru.

Ẹnìkan lè ní kí ló dé tí a kò fi há iye wákàtí tó wà láàrin Èkó àti ìlú kọ̀ọ̀kan sórí tààrà. Ìdí ni pé iye Lomé ni gbogbo ayé ń kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí UTC-6 nínú ìwé tàbí lórí fóònù, Lomé ni wọ́n ti ka 6 yẹn, kì í ṣe Èkó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí arìnrìn-àjò bá ti ń gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Hiúsítìnì, Èkó kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́, ṣùgbọ́n Lomé ṣì wúlò.

Ẹ jẹ́ ká fi tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń lọ láti Èkó sí Hiúsítìnì ní Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kọkànlá 2026. Yóò gbéra ní Èkó ní 23:15, yóò balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 04:55, wọ́n sì kọ +1 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Yóò tún gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní 09:45, yóò balẹ̀ ní Hiúsítìnì ní 14:20. Ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn fẹ́ mọ iye wákàtí tí ọmọ òun máa lò lókè, àti ìgbà tí òun lè máa retí ohùn rẹ̀.

+1 yẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìyàtọ̀ aago. Ọjọ́ kejì ló túmọ̀ sí, ìyẹn ọjọ́ Jímọ̀. Bí a ti mọ èyí, ẹ kó aago mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí Lomé. 23:15 Èkó, ẹ yọ 1, ó di 22:15 Ọjọ́bọ̀. Oṣù kọkànlá jẹ́ ìgbà òtútù, nígbà yẹn aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Lomé kò yàtọ̀, nítorí náà 04:55 àti 09:45 dúró bí wọ́n ṣe wà, ní ọjọ́ Jímọ̀. Hiúsítìnì fi wákàtí 6 wà lẹ́yìn Lomé, nítorí náà bí a bá ń ti ibẹ̀ bọ̀ a ó fi 6 kún un: 14:20 di 20:20, Jímọ̀.

Gbogbo aago ti wà lójú kan náà báyìí, a lè yọ wọ́n lára ara wọn. Láti 22:15 sí 04:55, ẹ má ṣe gbìyànjú láti yọ ńlá kúrò nínú kékeré. Ẹ kọ́kọ́ dé òru: láti 22:15 sí 24:00 jẹ́ wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 45. Ẹ fi 4:55 tó kù kún un, ó jẹ́ wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 04:55 sí 09:45, ó máa dúró fún wákàtí 5 dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti 09:45 sí 20:20, ẹ fi wákàtí 10 sáré dé 19:45, ẹ wá fi ìṣẹ́jú 35 kún un: wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 35. Ní ti ìpè, 20:20 Lomé jẹ́ 21:20 Èkó. Mọ́kànlélógún, ọ̀kan lé ní 8: aago 9 alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni bàálù máa balẹ̀. Kí ìyá tó máa retí ìpè, ẹ fi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un, nítorí àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà àti gbígba ẹrù.

Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ká ní a kò gba Lomé kọjá. Ẹni tó bá yọ 09:45 kúrò nínú 14:20 bó ṣe wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì máa rí wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 35, yóò sì rò pé bí Hiúsítìnì ṣe jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù mọ nìyẹn. Kò sí bàálù èrò kankan tó ń gbé ènìyàn la òkun yẹn kọjá ní wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ kí ọ̀nà jíjìn kúrú jù, tàbí tó jẹ́ kí Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù gba wákàtí 18, àwọn aago tí wọn kì í ṣe ti ìlú kan náà lẹ ti yọ lára ara wọn, tàbí kó jẹ́ pé apá tí oòrùn wà lẹ ṣì.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ọjọ́, òfin kan ṣoṣo ló sì ń darí rẹ̀. Bí àròpọ̀ yín bá tó 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ 24, kí ẹ sì bọ́ sí ọ̀la. Bí iye tó wà nílẹ̀ kò bá tó yọ, ẹ yá 24 lọ́wọ́ àná. Obìnrin kan ní Hiúsítìnì fẹ́ pe bàbá rẹ̀ nílé ní 20:00 ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà òtútù. 20 àti 6 jẹ́ 26. Ẹ yọ 24, ó di 02:00 ọjọ́ Àìkú ní Lomé, 03:00 ní Ìbàdàn. Oorun ló máa jí bàbá nínú rẹ̀. Ní ti bàbá náà, tó bá jí ní 05:00 ọjọ́ Ajé tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun ti sùn, 04:00 ni ní Lomé. 4 kò tó yọ 6, ẹ yá 24, ó di 28, ẹ yọ 6: 22:00, aago 10 alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọwọ́ àná lẹ ti yá a, ọjọ́ àná ni ìdáhùn jẹ́. Ẹ dárúkọ ọjọ́ náà síta bí ẹ ti ń ṣírò. Ẹni tó bá fi sínú ni ọjọ́ máa ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Fún ẹni tó fẹ́ràn aago ara ògiri ju wákàtí 24 lọ, ọ̀nà àbùjá kan wà tí mo máa ń lò bí ẹnìkan bá dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń bèèrè. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 6, ẹ wo nọ́ńbà tó dojú kọ ti yín lójú aago. Niú Yọ́ọ̀kì fi 6 wà lẹ́yìn Èkó nígbà òtútù. Bó bá jẹ́ aago 4 ìrọ̀lẹ́ níbí, 10 ló dojú kọ 4, aago 10 àárọ̀ ni níbẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá ju 6 lọ, ẹ kọ́kọ́ sọ àárọ̀ di alẹ́ tàbí alẹ́ di àárọ̀, láìyí nọ́ńbà náà, kí ẹ wá dá ohun tó fi dín sí 12 padà. Kalifọ́níà fi 9 wà lẹ́yìn Èkó nígbà òtútù, 9 sì fi 3 dín sí 12. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ wa, ẹ sọ ọ́ di aago 4 ìdájí, ẹ fi 3 kún un: aago 7 àárọ̀. Ṣáínà fi 7 ṣáájú wa, 7 fi 5 dín sí 12. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ wa di aago 4 ìdájí ọ̀la, ẹ yọ 5: aago 11 alẹ́ òní. Àwọn oníṣòwò tó ń ra ọjà láti Ṣáínà yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ pè ti lọ sùn.

Ìgbà ooru àti ìgbà òtútù wá kù. Lọ́ńdọ̀nù ń sún aago síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta, ó sì ń dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá. Ẹ lè rántí rẹ̀ báyìí: nígbà òtútù, Lọ́ńdọ̀nù ń bá Lomé lọ, nígbà ooru, ó ń bá Èkó lọ. Amẹ́ríkà ń sún tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta, ó ń dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Bó ṣe wà láti 2007 nìyẹn. Nígbà ooru, 5, 6, 7, 8 tí a há sórí á di 4, 5, 6, 7. Bùràsíìlì ti ṣíwọ́ sísún aago láti 2019, nítorí náà 3 ni ti Bàhíà jálẹ̀ ọdún.

Ọjọ́ tí Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ̀nù ń sún aago kì í ṣe ọjọ́ kan náà, àárín méjèèjì sì ni ìpàdé ẹbí ti máa ń dàrú. Ká ní ẹbí kan ń ṣe ìpàdé lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń pè é, 20:00 lórí aago tirẹ̀ ni. Ní ọjọ́ Àìkú 1 oṣù kẹta 2026, 20:00 Lọ́ńdọ̀nù ni 20:00 Lomé. Àwọn tó wà nílé ní Ìbàdàn á wọlé ní 21:00, àbúrò wọn ní Máríláǹdì á wọlé ní 15:00. Ní 8 oṣù kẹta, Amẹ́ríkà sún aago. Kò sí ohun tó yí fún Lọ́ńdọ̀nù àti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n 4 ni a ó yọ fún Máríláǹdì báyìí: 16:00. Ẹni tó bá wọlé ní 15:00 á jókòó fún wákàtí kan láìrí ẹnikẹ́ni. Ní 29 oṣù kẹta, Lọ́ńdọ̀nù náà sún tirẹ̀. 20:00 rẹ̀ ti di 19:00 Lomé, nítorí náà Máríláǹdì padà sí 15:00, àwọn ará Ìbàdàn ló sì máa yí lọ́tẹ̀ yìí, láti 21:00 sí 20:00. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àárín yẹn ní oṣù kẹta. Láàrin oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá, ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Bí ẹbí bá ní àgbàlagbà nílé, mo máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n fi aago Ìbàdàn dá ìpàdé, nítorí pé aago tiwa kì í yẹ̀, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ni yóò máa bá a yí.

Íńdíà gba àfiyèsí díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ń lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀. Iye rẹ̀ láti Lomé jẹ́ wákàtí 5 àti ààbọ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Ẹ fi 6 kún aago Lomé, kí ẹ yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí dókítà níbẹ̀ bá ní òun máa pè ní 10:30, ẹ ti ẹ̀yìn bọ̀: ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un, ó di 11:00, ẹ yọ 6, 05:00 Lomé, aago 6 àárọ̀ ní Ìbàdàn.

Ohun tó kù tí mo máa ń ṣọ́ra fún ni àwọn lẹ́tà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ mọ́ aago. EST jẹ́ aago ìgbà òtútù Niú Yọ́ọ̀kì, EDT jẹ́ ti ìgbà ooru, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ń kọ EST jálẹ̀ ọdún. Bí ẹnìkan bá fi ìwé ìpàdé ránṣẹ́ ní oṣù keje tó kọ 3 PM EST síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an fún wa ni aago 9 alẹ́, ṣùgbọ́n aago 8 ló ṣeé ṣe kó ní lọ́kàn. Ìṣirò kò lè yanjú èyí. Ẹ bi í pé, "Aago tó wà lára ògiri yín ni?" Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ mọ́ gbogbo aago tí mo bá kọ fún oníbàárà, láìkọ lẹ́tà kankan.

Ìjọba ló ń ṣe òfin aago, ìjọba sì lè yí i padà bí ti Bùràsíìlì ṣe ṣe. Bí iye tí ẹ há sórí bá ti pẹ́, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbára lé e. Ẹ pe ẹnìkan tó wà ní ìlú náà, ẹ bi í pé aago kéèlòó ló lù lọ́dọ̀ wọn báyìí, kí ẹ fi wé aago Lomé. Iye tó bá wà láàrin méjèèjì ni ẹ ó máa lò títí di ìgbà tí wọ́n bá tún sún un.